Ìdí Tí Lógò Fi Ń Di Kóró Dúdú Nígbà Tó Bá Kéré

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èlùbọ́ ni mo ń tà ní Ọ̀yọ́, mo sì ń kó o lọ sí Ìbàdàn àti Èkó. Ọmọ kan bá mi ya lógò. Lórí bánà, ó rẹwà gan-an: obìnrin tó ń ro àmàlà, ìkòkò, iṣu mẹ́ta, oòrùn tó ń yọ lẹ́yìn, orúkọ òwò mi sì yí gbogbo rẹ̀ po. Ṣùgbọ́n lórí Wásáàpù, àti lára òǹtẹ̀ tí mo ṣe, ńṣe ló dà bí ìgbà tí èèyàn da tàdáwà sílẹ̀. Ọmọ náà ní fẹ́kítọ̀ ni, pé bó ti wù kí a fà á tóbi tàbí ká sún un kì, kò lè bàjẹ́, pé fóònù mi ni kò dáa. Ṣé lóòótọ́ ni?” — Ìyá Elélùbọ́

Ìyá Elélùbọ́, ẹ kú ọjà o. Fóònù yín ò ṣe nǹkan kan. Ọmọ yẹn náà ò sì purọ́ tán, ìdajì òótọ́ ló sọ.

Ohun tí wọ́n ń pè ní fẹ́kítọ̀ ni pé kọ̀ǹpútà ò tọ́jú àwòrán náà bí àkójọ àmì tíntìntín, bí ìgbà tí a ya fọ́tò. Àpèjúwe ló tọ́jú: bẹ̀rẹ̀ níbí, tẹ̀ lọ sọ́tùn-ún, dúró síbẹ̀. Nítorí náà, ì báà jẹ́ orí fìlà, ì báà jẹ́ orí òrùlé, etí ìlà rẹ̀ á mú ṣáṣá. Ibi tí òótọ́ rẹ̀ parí sí nìyẹn. Etí ìlà kọ́ ló ń dun lógò yín. Bí a bá rọ èèyàn mẹ́wàá sínú yàrá ẹnìkan, kò sí èyí tí imú rẹ̀ máa kúrò lójú rẹ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ojú fèrèsé yọjú ò ní mọ ọwọ́ ta ni ó ń wò.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbé dání nínú gbogbo àlàyé mi ni pé nígbà tí lógò bá kéré, ìlà kọ́ ló kọ́kọ́ ń kú. Àlàfo ni. Ibi òfìfo tó ya ọwọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára orógùn, tó ya orógùn sọ́tọ̀ kúrò lára ìkòkò, òun ló ń jẹ́ kí ojú mọ̀ pé ọwọ́ nìyí, orógùn nìyí. Tó bá ti dí, gbogbo wọn á di kóró kan ṣoṣo.

Ẹ mú rúlà, ẹ wọn àwòrán yín níbi tí orúkọ àwọn èèyàn tò sí lórí Wásáàpù. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, kò ju bíi milimítà 8 lọ ní fífẹ̀. Ká ní orí pépà tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20 ni ọmọ yẹn ti ya á, a jẹ́ pé ó ti kéré sí i ní ìlọ́po 25 kó tó dé ojú fóònù. Àlàfo tó jẹ́ milimítà 2 lórí pépà ńlá, tó dà bí ohun tó tó, ti di 0.08 milimítà. Ojú tó dáa, tó ń wo nǹkan láti nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 40, níbi tí a sábà ń mú fóònù sí, kì í lè ya ohun méjì sọ́tọ̀ mọ́ tí àlàfo àárín wọn bá ti kéré ju nǹkan bíi 0.12 milimítà lọ. Bí fóònù náà ṣe wọ́n tó kò kan ọ̀rọ̀ yìí rárá. Ojú ọmọ aráyé ló parí síbẹ̀. Ojú àwọn oníbàárà yín tó ti lé ní ogójì ọdún, tí wọn ò sì fẹ́ lo gíláàsì, kò tiẹ̀ dé ibẹ̀. Èmi fúnra mi kì í fẹ́ kí àlàfo kankan kéré ju 0.3 milimítà lọ ní ìwọ̀n tó kéré jù tí wọ́n máa lò ó. Lórí pépà sẹ̀ǹtímítà 20 yẹn, ó túmọ̀ sí àlàfo milimítà 7 ààbọ̀. Ẹ ní kí ọmọ yẹn tẹ lógò yín ní sẹ̀ǹtímítà 20, kí ẹ wò ó bóyá ẹ máa rí ẹyọ kan tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Kí nǹkan náà tó dé iwájú ojú yín, ẹ̀rọ náà ti ṣe tirẹ̀. Àmì kékeré tó máa ń wà lórí táàbù búráúsà, bí ẹ bá ní wẹ́ẹ̀bù lọ́la, lè jẹ́ písẹ́ẹ̀lì 16 ní fífẹ̀ àti 16 ní gíga péré. Písẹ́ẹ̀lì ni àmì tíntìntín tí ojú fóònù fi ń to àwòrán, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ò sì lè ní ju àwọ̀ kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí a bá sún lógò tó jẹ́ písẹ́ẹ̀lì 512 kì di 16, àmì 1,024 ló ní láti wọ inú ẹyọ kan. Kí ni kọ̀ǹpútà máa ṣe? Á pò wọ́n pọ̀, bí ìgbà tí ẹ da èlùbọ́ funfun àti dúdú sínú igbá kan náà. Ìlà dúdú tó nípọn tó písẹ́ẹ̀lì 4 nínú 512, ìdá kan nínú mẹ́jọ ẹyọ yẹn ló máa gbà, nítorí náà eérú fífẹ́ẹ́rẹ́ ni ẹ máa rí, ẹ ò ní rí dúdú. Àlàfo funfun tó wà láàárín nǹkan dúdú méjì náà á di eérú. Níbi tí ìlà ti di eérú, tí àlàfo ti di eérú, kí ló kù tí ojú máa rí?

Ti òǹtẹ̀, omi ni. Bí ẹ bá tẹ rọ́bà mọ́ pépà, tàdáwà á sá jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì ìlà, àlàfo á sì dín kù lápá òsì àti lápá ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó ń ṣe lẹ́tà ìtẹ̀wé ti bá wàhálà yìí jà tipẹ́. Nígbà tí wọ́n ní kí Matthew Carter ṣe lẹ́tà tuntun fún ìwé nọ́ńbà tẹlifóònù ilé iṣẹ́ AT&T ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ tó parí ní 1978, ó mọ̀ pé lẹ́tà náà máa kéré gan-an, pé pépà náà á jẹ́ èyí tí kò dára, pé ẹ̀rọ á sì máa sáré. Ó bá gbẹ́ ihò sí kọ̀rọ̀ àwọn lẹ́tà náà, níbi tí ìlà méjì ti pàdé. Tí ẹ bá fa lẹ́tà rẹ̀ tóbi, ẹ máa rò pé eku ti jẹ lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìwọ̀n tí wọ́n ṣe é fún, tàdáwà tó bá ṣàn á wọ inú ihò náà, lẹ́tà á sì jáde gún régé. Ó fi àyè sílẹ̀ fún ohun tó mọ̀ pé yóò bàjẹ́.

Èmi náà ti jẹ gbèsè ọ̀rọ̀ yìí. Ní àkókò tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní kí n ya lógò fún àwọn, mo ya ọwọ́ méjì tó bọ ara wọn, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló pé. Inú mi dùn sí ìka yẹn. Wọ́n gbé e lọ fún àwọn tó ń fi ẹ̀rọ ṣe mọnogíráàmù pé kí wọ́n ṣe é sí ọgọ́rùn-ún fìlà. Kò sí òwú tó tín-ínrín tó àlàfo ìka mi. Nígbà tí fìlà dé, ẹnu àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ò kò lórí ohun tó jẹ́. Àwọn kan ní ẹ̀pà ni, àwọn kan ní akàn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń béèrè lọ́wọ́ àwọn alábẹ́rẹ́ kí n tó fa ìlà kankan. Ìlà tí òwú bá fẹ́ tẹ̀ lé dáadáa, kó má kéré ju milimítà 1 lọ, kí lẹ́tà sì ga tó milimítà 5 ó kéré tán. Bẹ́ ẹ bá ń ronú fìlà àti épírọ́ọ̀nù fún àwọn ọmọ iṣẹ́ yín, ìwọ̀n yẹn ni kí ẹ fún ọmọ tó ń ya lógò yín.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ síbi tí wọ́n ti wo irú àìsàn lógò yín yìí sàn lójú gbogbo ayé. Ní 1976, nígbà tí ilé iṣẹ́ Apple ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, Ronald Wayne, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó dá a sílẹ̀, ya lógò àkọ́kọ́ fún wọn. Isaac Newton ló yà: ó jókòó sábẹ́ igi, èso ápù kan rọ̀ sókè orí rẹ̀, fúrémù yí i ká, ọ̀rọ̀ ewì wà lára fúrémù náà, rìbọ́nù tí wọ́n kọ orúkọ sí sì wé mọ́ ọn. Àwòrán tó ṣeé gbé kọ́ ògiri ni. Ṣùgbọ́n ara kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti fẹ́ lò ó. Ní 1977, Rob Janoff ju Newton, igi, ewì àti rìbọ́nù nù, ó mú èso náà nìkan. Ó wá kíyè sí i pé èso roboto tó ní ewé lórí, tó bá kéré, èèyàn lè pè é ní ṣẹ́rì, èso mìíràn tó jọ ọ́ ṣùgbọ́n tó kéré gan-an, bí ìgbà tí ẹni kan ya ọsàn, tí aráàlú ní àgbálùmọ̀ ni. Ìdí tó fi gé e jẹ nìyẹn. Ibi tí wọ́n gé jẹ ló ń sọ bí èso náà ṣe tóbi tó, torí kò sẹ́ni tó ń gé ṣẹ́rì jẹ lápá kan báyẹn.

Ẹ ka àlàfo tó wà nínú rẹ̀: ọ̀kan láàárín ewé àti èso, ọ̀kan níbi tí wọ́n gé jẹ. Méjì péré, méjèèjì sì fẹ̀. Ohun tí èmi ń pè ní lógò tó rọrùn nìyẹn. Ọ̀pọ̀ dísáínà ló rò pé kí nǹkan rọrùn ni kó ṣófo, wọ́n á ya róbótó kan sílẹ̀, wọ́n á ní “ó rọrùn”. Rárá o. Róbótó lásán ò ní ohun tí ojú fi máa dì í mú. Ohun tó yẹ ká máa kà ni àlàfo: kó má pọ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀, kí ó sì wà níbi tó ti ń ṣiṣẹ́.

Ó wá kan tiyín. Ẹ ní obìnrin, ìkòkò, iṣu mẹ́ta, oòrùn àti orúkọ. Ìbéèrè tí mo máa ń bi ọ̀kọ̀ọ̀kan ni pé: bí mo bá fi dúdú kun ìwọ nìkan látòkè délẹ̀, tí mi ò fi ìlà kankan sínú rẹ, ṣé wọ́n á ṣì mọ̀ ọ́? Iṣu á di òkúta. Oòrùn á di kẹ̀kẹ́. Ìkòkò á di ìkòkò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìkòkò ta ni? Ó lè jẹ́ ti oníṣègùn, ó lè jẹ́ ti aláró. Obìnrin tó ń ro àmàlà, bí a bá kùn ún dúdú, ó lè jẹ́ ẹni tó ń gbálẹ̀. Kò sí ọ̀kan tó yege nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tí ẹni tó ra èlùbọ́ yín fẹ́ rí níkẹyìn kò sí nínú àwòrán náà rárá: àmàlà fúnra rẹ̀, nínú abọ́.

Mo bá mú pépà gíráàfù àti pẹ́ńsù. Ẹ̀yin náà lè ṣe é nílé, kò gba kọ̀ǹpútà. Ẹ fa igun mẹ́rin tó jẹ́ ilé 16 ní ìbú, 16 ní òró. Ilé ni mo pè é, bíi ti ọpọ́n ayò. Òfin rẹ̀ ni pé ilé kan yálà kó dúdú tán tàbí kó funfun tán. Kò sí ìlà tó gbọ́dọ̀ kéré ju ilé kan lọ, kò sì sí àlàfo tó gbọ́dọ̀ kéré jù ú lọ. Ohun tí kò bá lè wọ inú òfin yìí, kò lè wọ inú lógò kékeré.

Ohun tí mo kọ́kọ́ yà ni abọ́ tí a ń wò láti òkè: òrùka tó nípọn, pẹ̀lú àmàlà tó rí róbótó láàárín rẹ̀. Ó bá òfin mu, ó sì mọ́ kedere. Mo gbé e jìnnà díẹ̀, ẹyinjú ń wò mí. Mo jù ú sílẹ̀. Mo tún ya abọ́ láti ẹ̀gbẹ́: ìdajì róbótó nísàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí abọ́, ìdajì róbótó lókè gẹ́gẹ́ bí òkìtì àmàlà, àlàfo ilé kan láàárín wọn. Àwọn méjèèjì fẹ̀ tó ilé 12. Mo fi han ọmọ mi, kò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì: “Bọ́gà ni.” Ó sì tọ̀nà. Ohun tó jẹ́ kó jọ bọ́gà ni pé òkè àti ìsàlẹ̀ fẹ̀ bákan náà, àmàlà kì í sì í fẹ̀ tó etí abọ́. Mo bá dín òkìtì náà kù sí ilé 8 ní fífẹ̀, ó wá ga ní ilé 4. Abọ́ wà ní 12, ó ga ní ilé 6. Àlàfo àárín wọn ṣì jẹ́ ilé kan. Ilé méjì méjì tó yọ lápá òsì àti ọ̀tún abọ́ ló yí bọ́gà padà di oúnjẹ inú abọ́.

Ó wá ku ìdí abọ́. Orúkọ òwò yín, bí mo ṣe rí i lára bánà, lẹ́tà Ọ ló fi bẹ̀rẹ̀. Mo fi àlàfo ilé kan sábẹ́ abọ́ náà, mo sì fi kóró kan síbẹ̀, ó fẹ̀ ní ilé 4, ó ga ní ilé 2. Ìdí abọ́ ni, àmì abẹ́ Ọ náà ni. Ẹni tí kò mọ̀wé á rí abọ́, ẹni tó mọ̀wé á rí Ọ lẹ́yìn tó bá ti rí abọ́. Gbogbo rẹ̀ ga ní ilé 14: mẹ́rin, ọ̀kan, mẹ́fà, ọ̀kan, méjì. Dúdú mẹ́ta, àlàfo méjì.

Ẹ bá mi wọ̀n ọ́n wò. Wásáàpù máa ń gé àwòrán sí róbótó, nítorí náà mo fi àyè sílẹ̀ yí i ká títí gbogbo rẹ̀ fi jẹ́ ilé 20 ní fífẹ̀. Igun abọ́ àti ìdí rẹ̀ kò kan etí róbótó níbì kankan. Tí ilé 20 bá jẹ́ milimítà 8, ilé kan jẹ́ 0.4 milimítà. Àlàfo tó kéré jù nínú rẹ̀ ju 0.3 tí mo ní kí a má sọ̀ kalẹ̀ kọjá lọ. Lógò orí bánà yín, bí a ṣe ṣírò rẹ̀ lókè, ń fún ojú ní 0.08, èyí ń fún un ní 0.4. Kò sí àwọ̀ kankan níbẹ̀ o. Dúdú lórí funfun ni mo fi yà á, torí òǹtẹ̀ ò mọ àwọ̀, fọtokọ́pì náà ò mọ̀ ọ́n. Bó bá ti dúró ní dúdú, ẹ lè wá kun àmàlà ní àwọ̀ ilẹ̀, kí ẹ sì kun abọ́ ní ohun tó bá wù yín, tí kò bá ti jẹ́ yẹ́lò lórí funfun. Yẹ́lò àti funfun fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́lẹ̀ bákan náà lójú wa. Oòrùn yín tó jẹ́ yẹ́lò lórí bánà funfun, iwájú ṣọ́ọ̀bù yín nìkan ló ti ń yọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà nípa lẹ́tà tí àwọn òyìnbó ò ní bá yín sọ, torí kì í ṣe wàhálà wọn. Lẹ́tà Ọ ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, U+1ECC. Ṣùgbọ́n Ọ̀ tó ní àmì ohùn lórí, tó tún ní àmì lábẹ́, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Méjì ni wọ́n ń so pọ̀: U+1ECC, kí U+0300 tó tẹ̀ lé e. Fọ́ǹtì tí ẹni tó ṣe é kò ronú kan Yorùbá á gbé àmì ohùn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó gùn ún mọ́ lẹ́tà lórí. Lórí bánà, ẹ ò ní fura. Lára òǹtẹ̀, àmì náà á lẹ̀ mọ́ lẹ́tà, Ọ̀ á wá dà bí ìkòkò tó fọ́ létí. Ẹ sọ fún ọmọ yẹn kó sọ orúkọ náà di àwòrán, kó má jẹ́ lẹ́tà títẹ̀ mọ́, kó wá fi ọwọ́ gbé àmì kọ̀ọ̀kan sí àyè rẹ̀. Kí àlàfo tó wà láàárín lẹ́tà àti àmì abẹ́ rẹ̀ nípọn tó ìlà lẹ́tà náà, kí àmì náà sì fẹ̀ jù ú lọ díẹ̀. Bí orúkọ bá gba ìlà méjì, kó fi àyè gidi sí àárín wọn, torí àmì abẹ́ ìlà òkè àti àmì ohùn ìlà ìsàlẹ̀ á máa bá ara wọn jà.

Àwọn kan máa ní kí ẹ yọ àmì kúrò pátápátá. Ní tèmi, bí àyè ò bá tó, mo lè fojú fo àmì ohùn nínú orúkọ òwò. Àmì abẹ́ ni mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni yọ. Oko kì í ṣe ọkọ.

Orúkọ yín tó yí àwòrán po ńkọ́? Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú èyí tó kéré jù. Lórí Wásáàpù, orúkọ yín ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán náà tẹ́lẹ̀, kí la tún ń kọ ọ́ sínú milimítà 8 fún? Ohun tí ẹ nílò ni lógò mẹ́ta tó jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Èyí tó kéré jù ni abọ́ nìkan. Èyí tó tẹ̀ lé e, tó máa lọ sára òǹtẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ ọ̀rá, ni abọ́ pẹ̀lú orúkọ lórí ìlà tó gún, kì í ṣe èyí tó tẹ̀ bí òṣùmàrè, kí lẹ́tà ńlá rẹ̀ má kéré ju milimítà 2 ààbọ̀ lọ. Ẹ̀kẹta ni ti bánà, níbi tí abọ́ ti lè ní etí tó dán, kí èéfín rú díẹ̀, kí ìdí abọ́ rí róbótó dáadáa dípò kóró onígun mẹ́rin.

Kí ọmọ náà má kàn sún ọ̀kan kì kó sọ pé òun ti ṣe mẹ́ta. Láyé ìgbà tí wọ́n ń fi irin gbẹ́ lẹ́tà ìtẹ̀wé, ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbẹ́ lọ́tọ̀: lẹ́tà kékeré máa ń nípọn, ó máa ń fẹ̀, àyè àárín rẹ̀ sì máa ń pọ̀ ju ti ńlá lọ. Nínú èyí tó kéré jù, àlàfo àárín àmàlà àti abọ́ jẹ́ ilé kan nínú 14. Lórí bánà, ẹ lè dín in kù sí ìdajì ìyẹn, torí ilé kan odindi níbẹ̀ á dà bí ìgbà tí àmàlà ń fò kúrò nínú abọ́.

Ẹ má rò pé pátákó ẹ̀bá títì bọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé ó tóbi. Pátákó tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, ìyẹn nǹkan bíi mítà 1.2, tí èèyàn ń wò láti mítà 60, bó ṣe tóbi tó lójú onítọ̀hún kò ju milimítà 8 lórí fóònù lọ. Wásáàpù náà ni, ó kàn jìnnà ni. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ ní kìlómítà 80 ní wákàtí kan á sì ti kọjá mítà 60 yẹn kí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tó pé. Abọ́ kékeré náà ni kí ẹ gbé sórí pátákó, kó gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, kí orúkọ tẹ̀ lé e. Nọ́ńbà fóònù mẹ́ta àti “a ń tà á lọ́pọ̀ àti ní ẹyọ” kò ní àyè níbẹ̀.

Kí ẹ tó san owó fún ohunkóhun, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò. Kí ọmọ náà tẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí pépà kan ní milimítà 8, 15 àti 30. Ẹ lọ ṣe fọtokọ́pì rẹ̀, kí ẹ tún ṣe fọtokọ́pì fọtokọ́pì náà. Ẹ wo àlàfo, ẹ má wo ìlà. Ibi tí àlàfo bá ti dí lórí ẹ̀dà kejì ni tàdáwà òǹtẹ̀ máa dí, ibẹ̀ ni kí ó là sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ti milimítà 8 han ẹnì kan tí kò tíì rí i rí, kó wò ó fún ìwọ̀nba àkókò tó fi máa kí yín, kí ẹ gbà á padà, kí ẹ bi í pé, “Kí lo rí?” Ẹ má bi í pé, “Ṣé o rí abọ́?” Bí mo bá bi yín bóyá ẹ rí ehoro nínú òṣùpá, ẹ̀yin náà á rí i. Tí mẹ́ta nínú márùn-ún bá pe orúkọ nǹkan mìíràn, ẹ padà sórí pépà gíráàfù. Bọ́gà mi, ẹnìkan ṣoṣo ló pè é bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó tún rí nǹkan mìíràn níbẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tó bá parí, ẹ gba fáìlì SVG ti ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ ọmọ náà, ìyẹn fáìlì fẹ́kítọ̀, pẹ̀lú PNG abọ́ kékeré, ìyẹn fáìlì àwòrán onípísẹ́ẹ̀lì, ní písẹ́ẹ̀lì 512, 32 àti 16, kí ó sì ti fi ọwọ́ to ti 16 náà sí ojú ilé gẹ́gẹ́ bí mo ṣe yà á, kó má fi ẹ̀rọ sún un kì. Fọ́tò JPG tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù kì í ṣe fáìlì lógò, torí Wásáàpù ti fún un pọ̀ lójú ọ̀nà. Obìnrin yín tó ń ro àmàlà, ẹ má jù ú nù o. Ẹ̀yìn ọ̀rá kìló márùn-ún ni àyè rẹ̀. Ó fẹ̀ níbẹ̀, ẹni tó bá sì ti gbé e dé ilé ìdáná ní àkókò láti wo iṣu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.